Híjáàbù búlúù tó ṣì mí lọ́nà: ohun tí mo kọ́ nípa aṣọ inú àwòrán èrò

Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ àwọn àwòrán tí olùgbọ́ bá fi ránṣẹ́ wò, kí n mọ ibi tí wọ́n ti yà á kí a tó gbé e sí ojú ewé wa. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́ta kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, ojú mi sì ti dá mi lójú jù.

Lóru ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé ọdún 2021, àwọn agbébọn kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lọ ní Jáńgẹ́bẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Sámfárà. Ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n gba ìdásílẹ̀, ìjọba sì ní àwọn 279 ni. Gbogbo wa la rí àwòrán wọn ní Gúsáù, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, nínú híjáàbù búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ yẹn wọ̀ mí lójú, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí olùgbọ́ kan fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èrò pọ̀ níwájú géètì kan, àwọn ìyá, àwọn baba díẹ̀, àti bí ogún ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù búlúù. Ọmọ kan wà níwájú tó ń sunkún. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà pé àwọn ọmọ Jáńgẹ́bẹ̀ ló padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Mo wò ó, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, híjáàbù ni, búlúù ni, òbí wà níbẹ̀, ẹkún wà níbẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Kí àwọn èèyàn lè rí ohun tí mo rí, mo fi àwọ̀ pupa ṣe òbìrí yí orí ọmọ tó ń sunkún ká, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo híjáàbù rẹ̀, òun náà ni ti Gúsáù. Mo gbé e jáde láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wa, wọ́n sì gbé fóònù fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní wọ́n jí ọmọ mi gbé?"

Mi ò kọ́kọ́ lóye ohun tó ń sọ. Ó ní Ìlọrin lòun ń gbé. Ọmọ òun ló wà nínú òbìrí pupa yẹn. Kò sẹ́ni tó jí i gbé, ó sùn nílé lánàá, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ níwájú òun báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá òun tó wà ní Ọ̀fà kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti alẹ́, nítorí pé ẹnì kan fi ojú ewé wa hàn án lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a máa yọ ọ́ kíá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ máa yọ ọ́. Àwọn tó ti gbà á sórí fóònù ńkọ́?"

Mi ò ní èsì kankan fún un, mi ò sì ní títí di òní.

Ìlọrin ò rọgbọ nígbà yẹn. Ìjọba Kúwárà ti ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa láti ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé nítorí àríyànjiyàn lórí híjáàbù ní àwọn ilé-ìwé tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ tí ìjọba ń ná owó lé lórí. Àwọn òbí ń kóra jọ sẹ́nu géètì, àwọn kan ní kí ọmọ wọ̀ ọ́, àwọn kan ní kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán náà. Báàjì ilé-ìwé ọmọ náà hàn gbangba ní àyà rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ti sún àwòrán náà mọ́lé kí ojú rẹ̀ lè hàn dáadáa. Nítorí náà, yàtọ̀ sí irọ́ tí mo pa mọ́ ọn, mo tún fi ojú rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó dúró sí nínú ìjà náà han gbogbo ayé, lásìkò tí àwọn èèyàn ń sọ òkúta lu ara wọn lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò ní í jẹ́ kó jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún àwòrán náà ṣí, mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ fún mi pé kì í ṣe Sámfárà ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, mi ò ka orí. Ọmọ méje wà lẹ́yìn, nítòsí ògiri, tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà gan-an tí wọn ò sì wọ híjáàbù. Irun wọn hàn, wọ́n di í, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì di í sí, bí ilé-ìwé ti máa ń pàṣẹ irun ọ̀sẹ̀. Níbi tí àwọn kan ti wọ híjáàbù tí àwọn kan ò wọ̀ ọ́ lórí yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì ló jọ ń kàwé níbẹ̀. Ìyẹn kò sọ ìlú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó dá mi dúró.

Èkejì, àwọn híjáàbù náà kì í ṣe búlúù kan náà. Ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan dúdú díẹ̀, ọ̀kan ti ṣá. Àyà ni wọ́n mọ, ṣẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá kálukú ló lọ rà á lọ́jà fún ọmọ tirẹ̀. Ti Gúsáù, bí mo ṣe wá padà wò ó, àwọ̀ kan ni, ó gùn, ó bo ara mọ́lẹ̀. Mo ti rí ìyàtọ̀ yẹn ṣáájú, mo kàn rò pé iná oòrùn ló fà á ni. Òótọ́ ni pé kámẹ́rà fóònù máa ń yí àwọ̀ padà, tí WhatsApp sì máa ń bà á jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí iná bá yí àwọ̀ padà, gbogbo àwọ̀ inú àwòrán ló máa yí lọ́nà kan náà. Àwọn ọmọ tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú oòrùn kan náà kò lè ní búlúù mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí pé ọmọ Yorùbá ni mí. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ wọ ìró àti bùbá, ọ̀kan pọn ọmọ, ọ̀kan fi ìborùn kọ́ èjìká. Ìyá mi gan-an ni wọ́n jọ. Àwọn ọmọ nìkan ni mò ń wò, mi ò wo àwọn ìyá wọn.

Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù díẹ̀, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Ohun ìborí máa ń sọ ẹ̀sìn, ọjọ́ orí tàbí ayẹyẹ kí ó tó sọ ìlú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdu ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá a pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù Òkúdu ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ohun kan náà fún Èkó. Nítorí náà híjáàbù lórí yunifọ́ọ̀mù lè jẹ́ Ìwó, ó lè jẹ́ Muṣin, ó lè jẹ́ Ìlọrin, ó sì lè jẹ́ Kánò. Ẹni tó bá rí i tó kọ "Òkè Ọya" ti fi ojú àbá kà á.

Lẹ́yìn ìdájọ́ Ọ̀ṣun yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì láti fi ṣe èsì. Bí àwòrán wọn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìtàn náà, á ní ìsìn ló ń lọ lọ́wọ́. Aṣọ tí èèyàn wọ̀ lọ́jọ́ ìjà, ọ̀rọ̀ ló ń fi í sọ, kò sì jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ń múra ní ìlú yẹn lójoojúmọ́. Èyí kan àwọn olóṣèlú pẹ̀lú. Aṣọ àti fìlà ìlú tí wọ́n bá lọ polongo ni wọ́n máa ń wọ̀, nítorí náà mo máa ń yọ àwọn tó wà lórí pèpéle kúrò nínú ìṣirò, àwọn tó dúró nísàlẹ̀ ni mo ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni agùnbánirọ̀: láti 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, kakí kan náà ni wọ́n ń wọ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ìlú onílùú ni wọ́n sì ń rán wọn lọ.

Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni mo wá fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ báyìí, nítorí kì í ṣe ọmọ náà ló yàn án. Ìjọba tàbí ilé-ìwé ló yàn án, àṣẹ ìjọba kì í sì í kọjá ẹnu ibodè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń wo aṣọ àwọn àgbà. Ohun ìborí ni mo fi ń parí. Yunifọ́ọ̀mù tilẹ̀ lè sọ àsìkò fún ọ. Nígbà ìjọba Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun, yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba tó wọlé ní ìparí 2018 fagi lé e. Bí ẹnì kan bá fi àwòrán èrò tó kún fún yunifọ́ọ̀mù yẹn hàn mí tó ní àná ni wọ́n yà á, mo mọ̀ pé àwòrán àtijọ́ ni.

Ọdún kejì lẹ́yìn ti Ìlọrin ni mo rí ibi tí mo ti lè fi gbogbo èyí ṣiṣẹ́. Àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, èrò yí eégún kan ká, àwọn ọmọ ilé-ìwé dúró níwájú. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sọ pé Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti yà á, ó ní àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́ kí ọmọ pa ìwé tì lọ wòran, ó sì fẹ́ kí a bá wọn wí lórí afẹ́fẹ́.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, mo sì fi ohun dúdú bo gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́. Ojú èèyàn máa ń fa ojú mọ́ra. Nígbà tí mo bò wọ́n tán ni mo tó rí aṣọ.

Mo ka àwọn ọmọ náà, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìnlá nínú wọn wọ kakí, ọkùnrin àti obìnrin, aṣọ kan náà, kò sí báàjì kankan. Ní Nàìjíríà, ilé-ìwé kan lè wọ kakí, ṣùgbọ́n kí ọmọ kéékèèké àti ọmọ ńlá, tí wọn kò lè wà ní ilé-ìwé kan, jọ wọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Kakí ni yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo wá wo àwọn àgbà: fìlà abetí ajá, agbádá, ìró àti bùbá, aṣọ ẹgbẹ́ ànkárá. Yorùbá ni wọ́n, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n Yorùbá wà ní Ìmẹ̀kọ, ó wà ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀bẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì dé Àtàkpàmé ní Tógò. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kò yanjú ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ló jọ ní in lórí ìwé UNESCO. Aṣọ àgbà sọ ẹ̀yà, aṣọ ọmọ sọ ìjọba tó wà lórí wọn. Èyí tí mo rí yìí ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ní ẹnu ibodè wa, ọmọ ilé-ìwé ni kí o wò.

Ṣùgbọ́n kakí kò tó láti fi sọ pé Bẹ̀nẹ̀ ni. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní Tógò, wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní orílẹ̀-èdè tí Abíjàn wà, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí látọjọ́ pípẹ́. Ti Abíjàn ló rọrùn láti yọ kúrò, nítorí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ọmọkùnrin ló ń wọ kakí, aṣọ búlúù àti funfun onígun-mẹ́rin kéékèèké ni ti ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin tí mo ń wò wọ kakí. Tógò ló kù. Aṣọ kò lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́, mo wá wo ẹ̀yìn èrò. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ yẹ́lò kùn, MTN sì hàn lára rẹ̀. MTN wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí ní Tógò. Kakí yọ Nàìjíríà, aṣọ ọmọbìnrin yọ Abíjàn, ṣọ́ọ̀bù yọ Tógò.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo dúró. Mo gé aṣọ ọmọ kan jáde, láti ọrùn dé orúnkún, kò sí ojú, kò sí ohun mìíràn, mo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní Kétu. Gígé aṣọ jáde ṣe pàtàkì sí mi, nítorí ẹni tí o bá bi ní ìbéèrè náà lè fi àwòrán ránṣẹ́ síwájú. Ó pè mí padà, ó kọ́kọ́ kí mi, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wa ni o. Ẹ fi orúkọ abúlé sílẹ̀ o. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ọlidé ni." Ó mọ ibi tí wọ́n ti yà á, ó sọ fún mi, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí afẹ́fẹ́, mo ní àwòrán náà kì í ṣe Ìmẹ̀kọ, ilẹ̀ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ ló ti wá, àwọn olùkọ́ Ìmẹ̀kọ kò sì ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́. Ohun tí ìròyìn náà nílò nìyẹn. Orúkọ abúlé kò ní fi ohun kankan kún un, àfi kí ẹnì kan lọ bá àwọn ọmọ náà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ojú ọmọ kò ṣe nǹkan kan, àwòrán ayẹyẹ ṣáà ni. Mo máa ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014 nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Chibok. Àwòrán àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta gba gbogbo ayé kan pẹ̀lú igbe pé kí wọ́n dá ọmọ wa padà. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe Chibok, wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Nàìjíríà. Gínì Bìsáù ni ayàwòrán Ami Vitale ti yà wọ́n, ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ó sì bọ́ síta láti sọ pé wọn kò bá ọ̀rọ̀ náà tan rárá. Àwọn tó pín in fẹ́ ire fún àwọn ọmọ Chibok, mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tí kò sí nínú wàhálà kankan di ojú ìjìnigbé lójú gbogbo ayé, wọn ò bi í, wọn ò bi ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn lẹ́yìn ti Ìlọrin, mi ò lè parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ bíbo ojú, ó ní bí a ti ń ṣe é. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí fóònù kùn ojú ọmọ kan rí, mo rò pé mo ti bò ó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kàn fi ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán náà, ojú náà sì yọ nísàlẹ̀ dúdú bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn kò dì pátápátá. Àpótí dúdú tó dì ni mo ń lò báyìí, mo sì máa ń ya àwòrán ojú fóònù náà lẹ́yìn tí mo bá bò ó, èyí tí mo yà yẹn ni mo ń gbé jáde. Mo ń bo báàjì àti orúkọ tí wọ́n bá kọ sí àpò ìwé pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán, ibi tí fóònù kọ sínú rẹ̀ pé wọ́n ti yà á máa ń yọ dànù. Bó bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í yọ. Ìyẹn wúlò fún mi láti mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé èmi náà lè fi ilé ọmọ ọlọ́mọ han èèyàn láìmọ̀.

Mi ò tún ń kọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnì kan ṣoṣo nínú èrò mọ́. Bí ogójì èèyàn bá wọ abetí ajá, mo lè sọ̀rọ̀ nípa èrò náà. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà Hausa láàárín wọn lè jẹ́ ọmọ Sábó ní Ìbàdàn tí wọ́n bí baba rẹ̀ sí ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ Yorùbá tó kàn fẹ́ràn fìlà náà. Bí mo bá tọ́ka sí i tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú yẹn lọ́la, èmi ni mo yàn án fún wọn.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kúrígà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí mi fi àwòrán kan sí inú gúrúùpù wa lórí WhatsApp. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọmọ Kúrígà ni, kí a fi wọ́n sínú àdúrà. Àwòrán náà ti dàgbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ fóònù, ó ti ṣókùnkùn, géètì náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn mọ́. Òbìrí pupa tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ṣì wà lórí ọmọ náà.

Mo pe ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.